Iṣẹ́ Tó Ti Wà Lókè Kí N Tó Dé

Onísùúrù kọ́ ni mí. Ìyá mi máa ń sọ pé bí èmi bá gbé omi kaná, màá ti ṣí ìdérí ìkòkò wò tó ìgbà mẹ́wàá kí omi ọ̀hún tó rántí pé òun wà lórí iná. Ọjọ́ tí àyà mi já jù lọ nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Apapa, ọjọ́ tí kọ̀mpútà sọ fún mi pé kí n dúró ni.

Ọ́fíìsì wa wà lókè ilé kan tí àwọn tó ń báni gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́. Bí o bá ṣí fèrèsé, ariwo tírélà ni. Bí o bá tì í, ooru á fẹ́ pa ọ́. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ti ṣe iṣẹ́ gbígba ẹrù rí kí wọ́n tó dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹnìkejì mi jẹ́ obìnrin bíi tèmi, ọmọ Ajégúnlẹ̀ bíi tèmi, a jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀mpútà, àwa méjèèjì la sì ń kọ ètò tí ọ̀gá ń tà. Ètò náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bí kọ̀ǹténà bá ti tó gbé, ètò wa ló máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí fóònù awakọ̀ tírélà pé kó máa bọ̀.

Àléébù kan ló wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹténà bá ti kan ilẹ̀ báyìí, ètò wa á ti pe awakọ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kò tíì tú ẹrù náà sílẹ̀. Awakọ̀ á dé ẹnu géètì Kirikiri Lighter Terminal, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé, kò sì ní lè yí padà nítorí àwọn tírélà tó ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn pè wá láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Na una send me message o! Na una go come carry me comot for here!" Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àlhájà tó ni àwọn tírélà náà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá fi ojú ara àwọn rí àtúnṣe rẹ̀, bí kò bá sì sí àtúnṣe, kí oníkálukú máa lọ ní tirẹ̀.

Ọ̀gá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹnìkejì mi ni kó tún ìpè náà ṣe, kó má jáde mọ́ àfi bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti tú ẹrù sílẹ̀. Èmi ni kí n sọ tẹ́ẹ̀sì náà di Yorùbá àti Pidgin, torí àwọn awakọ̀ kan ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń tẹ ẹ̀gún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́. Ẹ̀dà ètò náà kan wà lórí láptọ́ọ̀pù tí ọ̀gá fún mi lò, ọ̀kan wà lórí èyí tí wọ́n fún ẹnìkejì mi, ọ̀kan sì wà lórí ayélujára. Èyí tó wà lórí ayélujára yìí là ń pè ní "òkè", torí ibẹ̀ ni kọ̀mpútà tó ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ ti ń mú ohun tó ń lò. Git ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é. Bí o bá ti ṣe nǹkan kan parí, wàá dì í ní ìdì kan, wàá kọ ohun tí o ṣe sí i lára, git á sì fi orúkọ rẹ àti àkókò tí o dì í sí i. Ìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní commit. Lẹ́yìn náà wàá tì í lọ sókè, kí ẹnìkejì lè fà á sọ̀kalẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ti nǹkan sókè kọ́kọ́ wo òkè bóyá nǹkan tuntun ti wà níbẹ̀. Àwa ò wò ó rí. Ariwo la máa ń pa. Bí mo bá fẹ́ ti tèmi, màá pariwo láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pé, "Mò ń tì í o!" Òun á dáhùn pé, "Tì í, mò ń fà á!" Bí òun náà sì ṣe ń ṣe nìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo la wà, ta ló tún ń lọ wo òkè? Ariwo ẹnu ni òfin wa, ó sì ṣiṣẹ́ fún wa dáadáa títí ẹnìkejì mi fi lóyún.

Oyún náà kò rọrùn fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìfúnpá rẹ̀ lọ sókè, dókítà sì ní kó lọ dùbúlẹ̀ sílé, kó má sì jẹ́ kí ohunkóhun kó o láyà sókè. Ọ̀gá ní ó dáa, kó máa ti ilé ṣiṣẹ́. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, inú wọn ò dùn sí i. Bí wọ́n bá ti rí àga rẹ̀ lófìfo ni wọ́n ń pòṣé. "Iṣẹ́ ilé," wọ́n á ní. "Iṣẹ́ oorun ni." Mo máa ń dákẹ́, torí bí n bá fèsì, ìjà ni.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó ń pín iná ládùúgbò rẹ̀ ní Boundary bú gbàmù. Iná lọ pátápátá. Fóònù rẹ̀ kú. Mo pè é títí, obìnrin inú ẹ̀rọ tó máa ń sọ pé nọ́ńbà náà kò lọ nìkan ló ń dá mi lóhùn. Mo fẹ́ yà wò ó lọ́nà ilé mi, àmọ́ ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òjò kò sì jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣeé rìn.

Bí ọjọ́bọ̀ ṣe kó wa láyà sókè nìyẹn. Láàárọ̀, ọ̀gá dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ò tiẹ̀ tíì gbé báàgì wọn sílẹ̀.

"Ìyá ìkókó ńkọ́? Ó ti gbé nǹkan kan wá?"

"Mi ò tíì gbúròó rẹ̀, sà. Kò sí iná lọ́dọ̀ wọn."

"Kò sí iná, kò sí iná. Ta ló ní iná ní Èkó?" Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi ti parí tèmi. Ìdì mẹ́ta ni mo dì, mo dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó dùn ún gbọ́ létí. Pidgin ọ̀hún tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku díẹ̀ kí Àlhájà dé, ọ̀gá wá dúró sẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ ń kígbe nísàlẹ̀, mo sì tẹ git push láti tì í sókè.

Kò lọ. Ọ̀rọ̀ pupa kan jáde pé rejected. Lábẹ́ rẹ̀ ló ti ṣàlàyé ara rẹ̀: mo ń ti nǹkan bọ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan ti wà lókè tí kò sí lọ́wọ́ mi, kí n kọ́kọ́ lọ mú un wá.

"Kí ló ní?" ọ̀gá béèrè.

"Ó kọ̀ ọ́, sà."

"Ó kọ̀ ọ́ bíi ti báwo? Ta ló ni ín?"

Mo tún un tẹ̀, bí aláìgbọ́n. Ó tún kọ̀ ọ́. Àwa méjì péré la ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Bí kì í bá ṣe èmi, òun ni. Àmọ́ báwo? Láìsí iná? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?

"Ẹ wò ó, sà, nǹkan kan wà lókè tí mi ò ní."

"Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi tipátipá tì í ni? Mo ti gbọ́ ọ rí tí ẹ ń sọ ọ́. Force, force."

Ó wà lóòótọ́. Bí mo bá fi --force sí i, òkè á gba tèmi, yóò sì yọ ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ ṣáájú kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni pé kò wáyé rí. Ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ á wá ku ẹyọ ẹ̀dà kan ṣoṣo, lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú ní Boundary. Ta ni yóò sì gbà pé ó ṣiṣẹ́ rí?

"Ó wà, sà," mo ní, "àmọ́ mi ò ní ṣe é."

"O ò ní ṣe kí ni? Àlhájà ti dé Wharf Road!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí Àlhájà bá fẹ́, kí wọ́n ti dé orí àtẹ̀gùn. Mi ò lè pa ohun tí mi ò tíì rí rẹ́." Ohùn mi ti lọ sókè. Mo mọ̀ pé bí èèyàn ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn. Àmọ́ inú ń bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ.

Mo tẹ git fetch. Ìyẹn kàn ń lọ gbé ohun tó wà lókè wá fún ọ láti wò ni, kì í fọwọ́ kan tìrẹ. Mọ́dẹ́mù wa bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni ń fa omi kànga. Mo ń gbàdúrà, ọ̀gá ń wo aago. Nígbà tó dé, mo ní kí git to ohun tó wà lókè tí kò sí lọ́dọ̀ mi fún mi.

Ìdì méjì ló jáde, orúkọ rẹ̀ lára méjèèjì. Ọ̀kan ti ìjẹta, ọ̀kan ti àná, ọ̀sán gangan. Lára ti àná, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ṣókí pé tẹ́ẹ̀sì kò ní jáde mọ́ bí kọ́sítọ́ọ̀mù kò bá tíì tú kọ̀ǹténà sílẹ̀, àti pé káfè ayélujára lòun ti ṣe é, kí a má bínú pé òun ò lè pariwo, ihò iná kan ṣoṣo ni wọ́n fún òun níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù ló sì gbà á.

Káfè! Èyí tó súnmọ́ ilé rẹ̀ jù, orí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló wà. Omi lé sí mi lójú, mo sì fẹ́ gbá a létí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n ní kó má ta pútú!

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, wọ́n kà á láti èjìká mi. Wọ́n kà á pẹ́. Lójijì ni wọ́n yọ fóònù nínú àpò, wọ́n sì jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé Àlhájà ni wọ́n fẹ́ lọ dá dúró.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Mo ní kí git gbé ìdì mẹ́ta mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kó wá máa to tèmi lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Rebase ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìkíní tò dáadáa. Ìkejì há. Git ní òun ò lè dá a ṣe, pé àwa méjèèjì ti fọwọ́ kan ìlà kan náà, kí èèyàn wá pinnu.

Mo ṣí ojú ìwé náà. Git ti fi àmì pààlà sí i: tirẹ̀ lókè, tèmi nísàlẹ̀. Ní tirẹ̀, ìbéèrè kan ló gbé ṣíwájú ìpè: ṣé wọ́n ti tú kọ̀ǹténà yìí sílẹ̀? Bí wọn ò bá tíì tú u, dákẹ́. Ní tèmi, kò sí ìbéèrè kankan, àmọ́ tẹ́ẹ̀sì ti di èdè awakọ̀. Bí mo bá mú tèmi nìkan, àwọn awakọ̀ á tún lọ sun abẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú Pidgin aládùn lọ́wọ́. Bí mo bá mú tirẹ̀ nìkan, a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo pè é láti béèrè bóyá bí mo ṣe rò ó ló ṣe rò ó. Obìnrin inú ẹ̀rọ ló tún dáhùn.

Mo wá rọra kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi tí kì í rọra. Mo fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó gbé e sí. Mo mú tẹ́ẹ̀sì tèmi, mo fi sínú rẹ̀, lábẹ́ ìbéèrè yẹn, kó jẹ́ pé ìgbà tí ìdáhùn bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló máa jáde. Mo pa àwọn àmì pààlà rẹ́. Mo ní kí git gba àtúnṣe náà, kó sì máa bá títò rẹ̀ lọ. Ìdì kẹta tò láìjanpata.

Mi ò tì í kíá. Mo fi kọ̀ǹténà àdánwò kan síbẹ̀ tí wọn ò tíì tú sílẹ̀, mo gbé fóònù mi síwájú. Fóònù dákẹ́. Mo wá yí i padà pé wọ́n ti tú u sílẹ̀. Fóònù ké, Pidgin sì jáde lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tẹ git push, mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ó ti lọ. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, tèmi wà lórí rẹ̀, kò sí èyí tó sọnù.

Àlhájà dé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n ṣe é kí àwọn rí i. Mo ṣe é, mo sì ṣàlàyé ìbéèrè tó ń dá tẹ́ẹ̀sì dúró fún wọn. Wọ́n ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún un ṣe. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ronú kan ìbéèrè yẹn?" Mo dárúkọ ẹnìkejì mi. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

Bí Àlhájà ṣe sọ̀kalẹ̀ tán, ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Ojú wọn ti fún.

"Mo fi tẹ́ẹ̀sì kan ránṣẹ́ sí i láàárọ̀," wọ́n ní.

"Tẹ́ẹ̀sì kí ni, sà?"

Wọ́n na fóònù sí mi. Gẹ̀ẹ́sì tútù ni. Pé níwọ̀n ìgbà tí kò rí iṣẹ́ kankan ṣe láti ọjọ́ tó ti wà nílé, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́.

"Mo ti fi òmíràn tẹ̀ lé e pé kó má ka ìyẹn sí. Mo sì ń pè é, kò lọ."

"Fóònù rẹ̀ ti kú láti ìjọ́sí, sà. Bó bá ṣe tàn án báyìí, èyí tó ṣíwájú ló máa rí."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Bá mi sáré lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Débẹ̀ kí iná tó dé."

Mi ò tiẹ̀ dágbére. Mo já sí títì, mo sáré láàárín àwọn tírélà tó dúró gbagidi, mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Boundary, mo sì ń sọ fún oníkẹ̀kẹ́ náà pé kó máa lọ, kó máa lọ. "Aunty, make I fly?" ló ní. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni ìfúnpá rẹ̀, àti ohun tí dókítà sọ. Gbogbo ìgbà tí a bá dúró ni mò ń wo àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bóyá gílóòbù kankan ti tàn. Kò sí. Ọlọ́run mi, má jẹ́ kí NEPA mú iná wá o. Èmi tí mo ti ń bú wọn nítorí iná láti kékeré!

A ti ń wọ Boundary nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà kan, ó ran èkejì, àgbà àti ọmọdé: "Up NEPA!" Rédíò bú sẹ́kún, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ, obìnrin kan ń jó níwájú fíríìjì rẹ̀. Mo bẹ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo sáré.

Ó jókòó sétí ibẹ̀dì nígbà tí mo wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí àpótí, wáyà fóònù rẹ̀ nà dé ara ògiri. Fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti pẹ́. Kò sunkún. Ìyẹn ló tún dẹ́rù bà mí jù.

"Ara rẹ ńkọ́?" mo ní. "Orí ń fọ́ ọ? Ojú rẹ ò ṣú?"

"Ara mi wà. Jókòó, o ń mí bí ewúrẹ́." Ó nawọ́ sí àga kan. "Ṣé o rí tèmi lókè?"

"Mo rí i."

"O pa á rẹ́, àbí o tò lé e?"

"Mo tò lé e ni. Kò sí ìlà kan tó sọnù. Àlhájà ní kí o kú iṣẹ́, wọ́n béèrè orúkọ rẹ."

Ó mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ikùn rẹ̀. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, orúkọ ọ̀gá ló hàn lójú rẹ̀. Ó wò ó títí ó fi ké tán.

"Gbé e, jọ̀ọ́," mo ní. "Wọ́n fẹ́ tọrọ àforíjì. Ó ti dun wọ́n, mo rí i lójú wọn. Wọ́n ti fi òmíràn ránṣẹ́."

"Mo ti ka méjèèjì. Sọ fún wọn pé mo ti ka méjèèjì. Àmọ́ èyí tó kọ́kọ́ dé ni mo kọ́kọ́ kà."

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, ó fa láptọ́ọ̀pù tó ti ń gba iná jáde, ó sì ṣí i. Mo rò pé ó fẹ́ wo ohun tí mo ṣe ni. Ó wò ó lóòótọ́. Ó fa iṣẹ́ mi sọ̀kalẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Ibẹ̀ gan-an lèmi náà ì bá fi sí." Ó wá pa á, ó yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ó ká a dáadáa, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé mi nítan.

"Bá mi dá a padà fún wọn," ó ní. "Tiwọn ni."